Rédíò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tàbí ìwé alẹ̀mógiri: èwo ni kí aránṣọ iléèwé fi polówó?

Láàárín ìparí oṣù Keje àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni iṣẹ́ máa ń wọlé jù fún àwọn tí ń rán aṣọ iléèwé, torí pé inú oṣù Kẹsàn-án ni sáà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Aránṣọ tí ó ní ẹ̀rọ mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù kì í sábà ní owó tí yóò fi polówó níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà dandan ni kí ó yàn. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò fún irú aránṣọ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn: ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 30 tí a gbà sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ rédíò, ìkéde tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe nínú ètò rẹ̀, àti ìwé alẹ̀mógiri tí a tẹ̀ sórí pépà.

Ohun mẹ́rin ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Èkíní ni ibi tí òbí wà àti ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìpolówó bá a. Èkejì ni iye owó tí yóò jáde, àti bí ó ṣe pín sí owó tí a san lẹ́ẹ̀kan àti owó tí a ń san léraléra. Ẹ̀kẹta ni bóyá ọ̀rọ̀ wa yóò dé etí tàbí ojú òbí bí a ṣe kọ ọ́ gan-an. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́, ni bóyá a lè yí ọ̀rọ̀ náà padà, tàbí kí a dá a dúró, bí iṣẹ́ bá ti kún ọwọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ni kí a kọ́kọ́ kọ

A kò lè yan ọ̀nà kí a tó mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ohun tí mo sábà ń rí lára ìpolówó aránṣọ nìyí: “A ń rán aṣọ iléèwé, aṣọ ìyàwó, agbádá àti kàbà. Iṣẹ́ wa dára, owó wa kò wọ́n, a sì máa ń tètè parí.” Ìlérí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí òbí lè gbé délé nínú wọn, nítorí pé kò sí aránṣọ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń kiri ọ̀lẹ̀lẹ̀ láàárọ̀ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: “Ó gbóná fẹlifẹli” nìkan ni ó ń pariwo rẹ̀, kò sì ní fi kún un pé epo rẹ̀ dára àti pé abọ́ òun mọ́.

Bí a bá fẹ́ rí ìlérí kan ṣoṣo náà, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn oníbàárà tí a ti ní tẹ́lẹ̀ pé kí ni ó bí wọn nínú lọ́dọ̀ aránṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní ti aṣọ iléèwé, ìdáhùn tí a óò gbọ́ jù lọ ni ìdádúró: àwọn ọmọ ń wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aṣọ kò tíì ní ọwọ́. Nítorí náà, ọjọ́ ni ìlérí wa. “Ọjọ́ mẹ́ta péré ni aṣọ iléèwé ọmọ yín yóò fi jáde, bí ó bá wọ ọjọ́ kẹrin, a ó dá owó ìránṣọ yín padà.” Gbólóhùn kejì yẹn kì í ṣe ìlérí mìíràn, òun ni ó mú kí èkíní ṣeé gbà gbọ́.

Kí a tó kọ ọ́ síta, a gbọ́dọ̀ kà á bóyá a lè mú un ṣẹ. Ká ní ẹni mẹ́ta ni ó ń rán aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń parí aṣọ mẹ́rin lóòjọ́. Aṣọ 12 ni yóò máa jáde lójúmọ́, 36 sì ni a lè parí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tí aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ wa bá ti pé 36, ẹni tí ó bá mú tirẹ̀ wá lẹ́yìn náà ni a ti purọ́ fún. Ẹ pa iye yìí mọ́ sọ́kàn, nítorí òun ni yóò pinnu ọ̀nà tí ó tọ́ sí wa ju bí owó wa ṣe pọ̀ tó lọ.

Àkọlé ni a óò kọ lẹ́yìn èyí. Àkọlé kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Òbí tí kò mọ̀ wá rí kò ní dúró nítorí orúkọ wa, ṣùgbọ́n yóò dúró bí ó bá rí ìṣòro ara rẹ̀ àti ojútùú rẹ̀ nínú ìlà kan: “Aṣọ iléèwé ọmọ yín, ọjọ́ mẹ́ta péré.” Orúkọ wa lè wà nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn tí ó sọ ohun tí a fẹ́ kí òbí ṣe. Ẹyọ kan ni kí ó jẹ́, kí ó sì ní ọjọ́ àti ibi: “Ẹ mú ọmọ náà wá sí Mọ́kọ́lá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí a wọ̀n ọ́n kí Sátidé yìí tó kọjá.” Gbèdéke Sátidé ni ó ń mú kí àwọn kan wá ní kùtùkùtù, kí gbogbo wọn má baà ya lù wá ní ọjọ́ méjì tí ó ṣáájú ìwọlé. “Ẹ kàn sí wa” kò sọ nǹkan kan, torí òbí kò mọ̀ bóyá kí òun pè ni, kí òun wá ni, àbí kí òun fi aṣọ ránṣẹ́.

Ìpolówó tí a gbà sílẹ̀ fún rédíò

Ẹni tí ń gbọ́ rédíò ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Ó ń wakọ̀, ó ń dáná, tàbí ó ń tú ìsọ̀ rẹ̀. Kò lè padà sẹ́yìn láti gbọ́ ohun tí ó ti kọjá létí rẹ̀. Nítorí náà, ìlérí gbọ́dọ̀ jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán nínú ìṣẹ́jú àáyá 30, gbólóhùn sì gbọ́dọ̀ kúrú. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ 70 ni olùkéde lè sọ láìsáré nínú àkókò yẹn. Bí mo ṣe máa kọ tiwa nìyí:

*Ìyá:* Ẹ̀yin tèlọ̀, aṣọ ọmọ mi ńkọ́? Ọ̀la ni wọ́n ń wọlé o!
*Aránṣọ:* Ẹ padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mà.
*Olùkéde:* Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ mẹ́ta péré ni aṣọ iléèwé ọmọ yín yóò fi jáde. Bí ó bá wọ ọjọ́ kẹrin, a ó dá owó ìránṣọ yín padà. Mọ́kọ́lá ni a wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ẹ mú ọmọ náà wá kí a wọ̀n ọ́n, kí Sátidé yìí tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta péré!

Ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 28 lọ, ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrò, ẹ má ṣe ní kí olùkéde sáré. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ ni nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà mọ́kànlá kì í dúró lórí ẹni tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ṣùgbọ́n “Mọ́kọ́lá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà” yóò dúró.

Jíńgù, ìyẹn ìpolówó tí a fi orin ṣe, máa ń wu ènìyàn púpọ̀, àmọ́ mo rọ aránṣọ kékeré pé kí ó ṣọ́ra fún un. Ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ó ṣe ń lọ sókè sódò. Bí akọrin bá gbé ọ̀rọ̀ wa lé orin tí ó ti wà nílẹ̀, ohun tí olùgbọ́ yóò gbọ́ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá tàbí kí ó má jẹ́ nǹkan kan, ìlérí wa á sì sọnù sínú ìlù. Bí ẹ bá fẹ́ orin dandan, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, kí ohùn olùkéde dá wà níbi tí ìlérí bá ti ń jáde.

Ní ti owó, a san owó ìgbàsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì ń san owó afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá jáde. Àkókò àárọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́ àti ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń bọ̀ ni ó sábà ń wọ́n jù. Fún ọjà tí sáà rẹ̀ kúrú bí èyí, mo fara mọ́ kí ó jáde lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ju kí ó jáde lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà dìde.

Ohun kan tí rédíò fi dára ni pé ọ̀rọ̀ wa ń jáde gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, láìsí àfikún. Àléébù rẹ̀ ni pé kò rọrùn láti yí padà. Bí ọjọ́ ìwọlé bá sún síwájú, a óò tún padà lọ gba ohùn sílẹ̀. Ẹ lè dín wàhálà yìí kù bí ẹ bá ní kí olùkéde ka ìlà tí ọjọ́ wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà: “kí Sátidé yìí tó kọjá,” “kí Sátidé tó ń bọ̀ tó kọjá,” kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ láìsan owó tuntun.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ pẹ̀lú kí ẹ tó náwó. Òfin tí ó dá ARCON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójútó ìpolówó, sílẹ̀ dípò APCON ní ọdún 2022 fẹ́ kí a gba ìfọwọ́sí kí ìpolówó tó dé etí aráàlú, ilé-iṣẹ́ rédíò sì lè béèrè ìwé náà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó máa ń gba àkókò. Ẹni tí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìwọlé ti pẹ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ra àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò, ó sì ń tà á fún àwọn olùpolówó nínú ètò tirẹ̀. Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ni a óò bá dúnàádúrà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́, owó rẹ̀ sì ṣeé dín kù ju ti ìwé iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri lọ. Kò sí owó ìgbàsílẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ó ní àwọn olùgbọ́ tirẹ̀: àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn awakọ̀, àwọn ìyá àgbà tí ń tọ́ ọmọ ọmọ wọn, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé ìdílé ni. Bí ó bá ní “Ẹ lọ sí Mọ́kọ́lá,” ó dùn létí wọn ju ohùn àjèjì lọ.

Àmọ́ ẹnu dídùn kan náà ni ewu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń wọ̀ ọ́ lára, kò sì ní pẹ́ tí “ọjọ́ mẹ́ta” yóò fi di “lójú ẹsẹ̀,” tí “aṣọ iléèwé” yóò fi di “gbogbo aṣọ tí ẹ bá ní.” Òbí tí ó bá wá pẹ̀lú ìlérí yẹn kò ní bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jà, àwa ni yóò bá jà. Ohun tí mo ń dámọ̀ràn ni káàdì kan tí a pín sí apá méjì. Ní apá òkè, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ yí padà: ìlérí, ẹ̀rí rẹ̀ nípa owó tí a ó dá padà, àti ohun tí òbí yóò ṣe. Ní apá ìsàlẹ̀, ẹ kọ ohun tí ó lè fi dárà: ìdààmú òbí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìwọlé, bọ́tìnì tí ń já, sòkòtò tí ó kúrú. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé yóò ka apá òkè bí ó ṣe wà, kí ó ka gbólóhùn kan níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù máa gbọ́ ètò náà, kí ó sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ hàn án ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọ̀nà yìí ni ó rọrùn jù láti yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí aṣọ 36 bá ti pé lọ́wọ́ wa ní Wẹ́sìdeè, a lè pè é kí ó sọ ní àárọ̀ Tọ́sìdeè pé ààyè ti kún, ó di ọjọ́ Sátidé. Ìkéde pé ààyè kún kì í lé oníbàárà sá, ó ń fi hàn pé a mọ iye tí a lè ṣe.

Ìwé alẹ̀mógiri

Ìwé alẹ̀mógiri kò lè tọ ẹnikẹ́ni lọ, òbí ni yóò wá bá a. Nítorí náà, ibi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni ìdajì iṣẹ́ rẹ̀: ẹnu ọ̀nà iléèwé tí ọmọ yóò lọ, pátákó ìkéde ìjọ àti mọ́sálásí, iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé àti bàtà iléèwé. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé kọ̀ọ̀kan. Ògiri ìjọba, òpó iná àti abẹ́ afárá kì í ṣe ibi tí a ń lẹ nǹkan mọ́ láìgba àṣẹ, àwọn àjọ ìpínlẹ̀ tí ń mójútó pátákó ìpolówó sì lè bu owó ìtanràn lé wa lórí, pàápàá bí nọ́ńbà fóònù wa ti wà lórí rẹ̀ gbàgàdà.

Bí lẹ́tà ṣe tóbi tó ni ó ń pinnu ẹni tí yóò kà á. Ìwọ̀n tí àwọn tí ń ṣe pátákó ń lò ni pé kí lẹ́tà ga tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún mítà mẹ́ta tí òǹkàwé fi jìnnà. Ẹni tí ń kọjá ní òdì kejì ọ̀nà kékeré jìnnà tó mítà mẹ́fà, nítorí náà lẹ́tà àkọlé gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. Pépà A3 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 29.7. Bí a bá yọ àlàfo etí rẹ̀ kúrò, lẹ́tà mẹ́jọ péré ni yóò wọ ìlà kan. Àkọlé gígùn tí a kọ́kọ́ kọ kò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n “ỌJỌ́ MẸ́TA” wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí ìwé náà yóò ṣe rí nìyí láti òkè dé ìsàlẹ̀:

ỌJỌ́ MẸ́TA
ni aṣọ iléèwé ọmọ yín yóò fi jáde.
*(Àwòrán ọmọ kan nínú aṣọ iléèwé)*
Bí ó bá wọ ọjọ́ kẹrin, a ó dá owó ìránṣọ yín padà.
Ẹ mú ọmọ náà wá sí Mọ́kọ́lá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí a wọ̀n ọ́n.
*(Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù)*

Ẹ kíyè sí i pé mo yọ “Sátidé yìí” kúrò, torí ìwé tí ó wà lára ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò mọ Sátidé tí à ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbèdéke, ẹ kọ ọjọ́ àti oṣù gan-an. Níhìn-ín ni nọ́ńbà fóònù ti wúlò, nítorí òbí lè dúró kí ó yà á sínú fóònù rẹ̀.

Ìṣòro tí ó sábà ń ba ìwé Yorùbá jẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ọlọ́nà tí wọ́n ní lórí kọ̀ǹpútà kò ní àmì ohùn àti ti abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà àmì á bọ́ sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí òfìfo yọ dípò rẹ̀. Ẹ béèrè fún ẹyọ kan tí wọ́n tẹ̀ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ẹ gbé e kọ́ ara ògiri, ẹ jìnnà sí i ní mítà mẹ́fà, kí ẹ sì pe ẹni tí kò rí i rí. Kí ó wò ó díẹ̀, kí ó yíjú, kí ó sì sọ ohun tí a ṣèlérí. Bí ó bá sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù dípò ọjọ́ mẹ́ta, àkọlé kò tíì ṣiṣẹ́.

Bí iye tí a fẹ́ bá kéré, bí 20 sí 50, ẹ̀rọ tí ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà ni ó yẹ. Bí ó bá di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹ̀rọ ńlá tí ń lo àwo ìtẹ̀wé ni yóò dín owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan kù, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san owó àwo. Àmọ́ àṣìṣe kan yóò wà lórí gbogbo wọn, òjò oṣù Kẹsàn-án yóò sì fa èyí tí kò ní ìbòrí ya. Abẹ́ àjà ilé ni kí a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí a sì pa díẹ̀ mọ́ láti fi rọ́pò.

Ta ni kí ó yan èwo?

Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní èrè orí aṣọ kan jẹ́ náírà 3,000, kí gbogbo ìnáwó rédíò sì jẹ́ náírà 90,000. Aṣọ 30 ni yóò kọ́kọ́ dá owó yẹn padà kí èrè tó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa ń parí 12 lóòjọ́, nítorí náà iṣẹ́ ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ni a óò fi san owó rédíò. Bí ìwé alẹ̀mógiri bá ná wa ní náírà 24,000, aṣọ mẹ́jọ ni. Láti mọ èyí tí ó ń mú ènìyàn wá, kí ẹni tí ń gba iṣẹ́ bi gbogbo òbí pé “Ta ni ó darí yín síbí?” kí ó sì fa ìlà sábẹ́ rédíò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ìwé tàbí ọ̀rẹ́ nínú ìwé iṣẹ́.

Aránṣọ ẹlẹ́rọ mẹ́ta tí iléèwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nítòsí rẹ̀, ìwé alẹ̀mógiri ni kí ó yàn. Àwọn òbí tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìwọ ọkọ̀ méjì nìyẹn, wọ́n sì tó láti kún ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá polówó lórí rédíò tí gbogbo Ìbàdàn ń gbọ́, ẹni tí ó wà ní Mọ́níyà àti ẹni tí ó wà ní Chálẹ́ǹjì yóò gbọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní wá, àwọn tí ó bá sì wá lè dé lọ́jọ́ kan náà kí ìlérí ọjọ́ mẹ́ta fọ́.

Ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ọlọ́jà tí kì í sábà kàwé tàbí tí kì í gba ẹnu ọ̀nà iléèwé kọjá, kí ó lọ bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, bí ó bá lè máa gbọ́ ètò náà lójoojúmọ́. Bí kò bá ní ẹni tí yóò gbọ́ ọ, kí ó má ṣe é.

Ìpolówó àgbàsílẹ̀ yẹ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ mẹ́wàá sókè, tàbí tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní apá méjì ìlú, tí ó sì ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ kí oṣù Keje tó parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ da méjì pọ̀, kí ó fi ìwé alẹ̀mógiri síta ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkọlé kan náà, “ọjọ́ mẹ́ta,” kí òbí tí ó ti kà á lẹ́nu ọ̀nà iléèwé lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá gbọ́ ọ.